Ọ̀rọ̀ Ìṣíde Ọ̀sẹ̀ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Àgíríkì, Ìlọrin

Àsàlámù àlékùn, ẹ káàárọ̀ o gbogbo ilé. Díìnì wa, àwọn olórí ẹ̀ka, ẹ̀yin lẹ́kíṣọ́rà, ìyá wa tó ṣojú àwọn àgbẹ̀ Gànmọ́, àtẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ kún họ́ọ̀lù yìí, mo kí yín. Wọ́n ní kí n má pẹ́, mi ò ní pẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín, ẹni tí wọ́n bá ti fìyà jẹ ní sẹ́kọ́ńdírì rí, tí wọ́n ní kó lọ ro koríko ẹ̀yìn kíláàsì, ẹ nawọ́ sókè. Ẹ wò ó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wa. Láti kékeré la ti sọ ọkọ́ di pàṣán, ọmọ tó pẹ́, ọkọ́, ọmọ tó pariwo, àdá. Mi ò rí tíṣà tó ní kọ́mọ tó ṣẹ̀ lọ gún aláìsàn lábẹ́rẹ́ rí. Ká wá máa bi ara wa pé kí ló dé tọ́mọ ò fẹ́ ṣiṣẹ́ àgbẹ̀? Èmi gan-an, lọ́jọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí àgíríkì délé ní Àjàṣẹ́-Ìpo, bàbá mi bi mí pé ṣé torí kí n lè padà wá sóko làwọn ṣe ń ta iṣu san skúùfíìsì mi. Inú bí wọn, mo sì mọ ìdí ẹ̀. Agbára ni wọ́n fi dáko títí, wọn ò mọ iye tó wọlé, wọn ò mọ iye tó jáde, ojoojúmọ́ ló rẹ̀ wọ́n.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ mi wà. Àgbẹ̀ tó ń wọ̀n, tó ń kà, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, iṣẹ́ ló ń ṣe, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń ya pílánù ilé ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo gba éékà 2 lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìdófìàn, ẹsẹ̀ ni mo fi ń díwọ̀n ibi tí màá ju àgbàdo sí, èmi tí mo kàwé ẹ̀ o. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi sẹ̀ǹtímítà 75 sáàárín ebè, tẹ́ ẹ fi 25 sáàárín igi kan sí èkejì, hẹ́kítà kan á gba igi tó lé ní 53,000. Tí ẹsẹ̀ yín bá wá gùn tó fi di 50 dípò 25, ó ti dín sí ìdajì nìyẹn, ilẹ̀ kan náà, owó katakata kan náà, ìroko kan náà. Ìdajì! Kò sí àjẹ́ ìdílé kankan ńbẹ̀, teepu ni mi ò ní.

Èyí tó kù gan-an, mo tún bà á jẹ́. Mo kánjú rọ ọ́ sínú àpò kó tó gbẹ, ó gbóná, ó hu èébu, mo kó o lọ sọ́jà Mándéètì, ìyá tó fẹ́ rà á tọwọ́ bọ àpò, ó gbóòórùn ọwọ́ ẹ̀, ó ní "Bùrọ̀dá, ẹ máa kó o lọ, mi ò lè fi bọ́mọ ọlọ́mọ." Ó ti pẹ́, mi ò gbàgbé ẹ̀. Èébu tó hu yẹn lè ní májèlé tí wọ́n ń pè ní afílátọ́sìn, ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, iná ìdáná ò sì ń fọ̀ ọ́ kúrò. Ìyá yẹn ò wọ kíláàsì àgíríkì, ó mọ̀. Báyìí mi ò ní dì í tí omi inú ẹ̀ bá ṣì ju 13 nínú 100 lọ, ẹ̀rọ kékeré kan ni mo fi ń wọ̀n ọ́n.

Ẹ má rò pé gbogbo yín ló máa mú ọkọ́ bíi tèmi. Àwọn onímọ̀ IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, wà lára àwọn tó ṣe Aflasafe, èébu tí ò ní májèlé ni wọ́n fọ́n sóko kó lè gbapò mọ́ èyí tó ní i lọ́wọ́. Ẹ ẹ̀ rí i pé iṣẹ́ orí nìyẹn! NCAM nìyí ní Ìdófìàn, iṣẹ́ wọn ni ẹ̀rọ oko, ARMTI tó ń kọ́ni ní àbójútó iṣẹ́ oko nìyí lójú ọ̀nà Ìlọrin sí Àjàṣẹ́-Ìpo, ẹ ò ní wọ ọkọ̀ jìnnà. Ẹ̀gẹ́ tẹ́ ẹ bá wú, láàárín ọjọ́ 2 sí 3 ló ti ń bàjẹ́, ẹni tó bá lè mú ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́, tó ṣeé gbé kiri, dé oko Ìgbómìnà kó tó bàjẹ́, iṣẹ́ ń dúró dè é.

Mi ò ní pa irọ́ fún yín o. Ilẹ̀ á ṣòro láti rí, màlúù á wọlé sóko, òjò á dá dúró lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti gbìn tán, ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ẹ má ya owó èlé tẹ́ ẹ ò tíì mọ bẹ́ ẹ ṣe máa san, ẹ fi ìdajì éékà bẹ̀rẹ̀, ẹ ra nóòtì kan, kẹ́ ẹ kọ gbogbo náírà tó bá jáde sínú ẹ̀ títí kan owó ọ̀kadà.

Lọ́jọ́bọ̀, bọ́ọ̀sì 2 ń bọ̀ wá kó yín lọ sóko mi. Ẹ wọ bàtà tó le, ẹ mú bírò, kí ẹnìkan bá mi mú teepu dání, torí àgbàdo tí mo gbìn sí eteetí ọ̀nà, ẹ̀yin lẹ máa bá mi ka iye igi ẹ̀, màá sì fi nóòtì mi hàn yín, tèrè tàdánù.

Mo ṣí ọ̀sẹ̀ yìí o. Ẹ ṣé púpọ̀.