Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àtúnyẹ̀wò: Àwọn Ọ̀rọ̀ Pàtàkì nínú Kọ̀ríkúlọ̀mù, Ìdánwò PGDE

Fún ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ Sátidé, Òṣogbo

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo mọ̀ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ó fi kọ ìdánwò yìí. Yorùbá ni mo fi kọ ìwé yìí nítorí ohun tí mo ń rí nígbà tí mo bá ń máàkì. Àwọn tó ń fìdí rẹmi kàwé dáadáa. Wọ́n há ìtumọ̀ sórí, ṣùgbọ́n bí ìbéèrè bá ti ní kí wọ́n ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀, gbogbo rẹ̀ á dàrú mọ́ wọn lójú. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó yé yín lédè tí ẹ fi ń ronú. Ẹ lè wá wo orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì nínú nóòtì yín lẹ́yìn náà.

Ìbéèrè 1. Kí ni kọ̀ríkúlọ̀mù?

Inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, láti ara *currere*, tó túmọ̀ sí kí a sáré. Ojú ọ̀nà tí àwọn olùdíje ń sá gbà ni. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, kọ̀ríkúlọ̀mù ni gbogbo ìrírí tí ilé ìwé ṣètò fún akẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ àbójútó rẹ̀, nínú kíláàsì àti lóde, kí ọmọ náà lè dé ibi tí àwùjọ fẹ́ kó dé. Ìpàdé òwúrọ̀ wà nínú rẹ̀. Eré ìdárayá, ẹgbẹ́ dibétì àti oko ilé ìwé náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé "àkójọ iṣẹ́ tí a ń kọ́ ọmọ" kò gba ju ìdajì máàkì lọ.

Ìbéèrè 2. Ya kọ̀ríkúlọ̀mù, sílábọ́ọ̀sì, sikíìmù àti nóòtì iṣẹ́ sọ́tọ̀.

Ẹ wò wọ́n láti òkè bọ̀ sílẹ̀. Kọ̀ríkúlọ̀mù ló tóbi jù. Àjọ NERDC ló ń ṣe é fún gbogbo Nàìjíríà, èròǹgbà, àkóónú, iṣẹ́ olùkọ́, iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ohun èlò àti ọ̀nà ìdíwọ̀n sì wà nínú rẹ̀. Sílábọ́ọ̀sì ni àtòjọ orí ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ kan ṣoṣo, irú èyí tí WAEC ń gbé jáde kí àwọn tó fẹ́ ṣèdánwò mọ ibi tí ìbéèrè yóò ti wá. Sikíìmù ni pé kí a pín àwọn orí ọ̀rọ̀ náà sí sáà àti ọ̀sẹ̀. Nóòtì iṣẹ́ ni ti olùkọ́ fúnra rẹ̀, fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan. Bí ẹ bá rí "ọ̀sẹ̀ kẹta: àṣà ìkíni", sikíìmù lẹ ń wò yẹn.

Ìbéèrè 3. Kí nìdí tí ọdún 1969 fi ṣe pàtàkì?

Oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni Àpérò Àpapọ̀ lórí Kọ̀ríkúlọ̀mù wáyé ní Èkó. Títí di ìgbà náà, ohun tí àwọn amúnisìn fi sílẹ̀ ló ṣì ń darí ọ̀pọ̀ nǹkan tí a fi ń kọ́ ọmọ. Ẹ má gbàgbé láti kọ ọ́ pé kì í ṣe àwọn olùkọ́ nìkan ló jókòó síbẹ̀: àgbẹ̀, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹgbẹ́ obìnrin àti àwọn ẹlẹ́sìn pẹ̀lú wà níbẹ̀. Nínú èso àpérò yẹn ni Ìwé Ìlànà Ẹ̀kọ́ ti Orílẹ̀-èdè ti jáde ní 1977. Ìwé yẹn ló gbé ètò 6-3-3-4 wá, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní 1982. Òfin UBE ti 2004 ló wá fi ìdí ọdún mẹ́sàn-án ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ múlẹ̀, èyí tí a ń pè ní 9-3-4.

Ìbéèrè 4. Báwo ni a ṣe ń kọ èròǹgbà iṣẹ́ tó ṣeé díwọ̀n?

Ẹ dúró lórí èyí dáadáa, torí ibi tí máàkì ti ń ṣòfò jù nìyí. Èrò àgbà ni ohun tí orílẹ̀-èdè ń fẹ́ fún ọmọ rẹ̀, ó gbòòrò, ó sì máa ń gba ọdún púpọ̀. Àfojúsùn sún mọ́ wa díẹ̀ sí i, ó jẹ́ ti ìpele ẹ̀kọ́ tàbí ti iṣẹ́ kan. Èròǹgbà iṣẹ́ ni ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè ṣe lójú wa nígbà tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bá parí.

"Akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ òǹkà Yorùbá" kò ṣeé díwọ̀n. Ta ló rí mímọ̀ rí? "Akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè ka òǹkà Yorùbá láti oókan dé àádọ́ta láìwo ìwé" ṣeé díwọ̀n: ọmọ náà kà á, tàbí kò kà á. Ẹ sá fún "mọ̀", "lóye" àti "mọ rírì". Ẹ lo dárúkọ, kọ, ṣàlàyé, yà, fi wé, tún ṣe.

Ìbéèrè 5. Ṣàlàyé ìpín ẹ̀kọ́ ti Bloom pẹ̀lú àpẹẹrẹ.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ ń gbà wọ ọmọ lára: orí, ọkàn àti ọwọ́. Bloom àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ti orí jáde ní 1956. Ti ọkàn jáde ní 1964, Krathwohl ló ṣáájú níbẹ̀. Àwọn mìíràn, bíi Simpson àti Harrow, ló to ti ọwọ́ sí ìpele.

Ipele mẹ́fà ni ti orí. Mo ń fi òǹkà wa kọ́ ọ, kò sì tíì já mi kulẹ̀ rí:

Ìrántí: ka òǹkà láti ọgbọ̀n dé ọgọ́ta.
Òye: ṣàlàyé ìdí tí 50 fi ń jẹ́ àádọ́ta (ọgọ́ta ni, a yọ mẹ́wàá kúrò).
Ìmúlò: nígbà tí o ti mọ̀ pé 80 ni ọgọ́rin, kí ni orúkọ 75? Márùndínlọ́gọ́rin.
Ìtúpalẹ̀: fi 45 wé 55. Àyọkúrò márùn-ún wà nínú méjèèjì. Èwo nínú wọn ló tún ní àyọkúrò mẹ́wàá nínú?
Ìkójọpọ̀: ṣe ewì òǹkà tuntun fún àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.
Ìdájọ́: ṣé òǹkà àtijọ́ ló yẹ kí a fi kọ́ ìṣirò ni àbí òǹkà onímẹ́wàá-mẹ́wàá? Gbe èrò rẹ lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí.

Ní 2001, Anderson àti Krathwohl tún un ṣe. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìṣe rọ́pò ọ̀rọ̀ orúkọ, wọ́n sì gbé ṣíṣẹ̀dá nǹkan tuntun lọ sókè pátápátá, ìdájọ́ bọ́ sí ipò karùn-ún. Bí ìbéèrè bá ní "èyí tí a tún ṣe", ẹ má to ti 1956 fún wọn.

Ìbéèrè 6. Tyler, Taba àti Wheeler: kí ló yà wọ́n?

Tyler (1949) béèrè ohun mẹ́rin: ibo ni ilé ìwé ń lọ? Ìrírí wo ló lè gbé wa débẹ̀? Báwo la ṣe máa to ìrírí náà? Báwo la ṣe máa mọ̀ pé a ti débẹ̀? Ojú ọ̀nà tààrà ni tirẹ̀. Taba (1962) gbà pé ọ̀dọ̀ olùkọ́ ló yẹ kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbésẹ̀ méje ló ní, wíwá àìní akẹ́kọ̀ọ́ sì ni àkọ́kọ́. Wheeler (1967) tẹ ọ̀nà náà kọ́, ó di òbìrìkítí, àyẹ̀wò ìkẹyìn ń dá wa padà síbi èròǹgbà.

Ìbéèrè 7. Kí ni kọ̀ríkúlọ̀mù abẹ́nú? Kí ni èyí tí a yọ sílẹ̀?

Kọ̀ríkúlọ̀mù tí ìjọba fọwọ́ sí ni èyí tó wà nínú ìwé. Èyí tí olùkọ́ ń lò ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nígbà tí ilẹ̀kùn kíláàsì bá ti padé. Ti abẹ́nú ni ohun tí ọmọ ń kọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sínú nóòtì. Philip Jackson ló fún un ní orúkọ ní 1968.

Ilé ìwé kan wà tí mo ti ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́. Owó ìtanràn ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá. Ní wákàtí kejì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èmi a wọlé láti kọ́ wọn ní Yorùbá. Ohun tí sikíìmù mi sọ ni pé kí wọ́n mọyì èdè wọn. Ohun tí ìtanràn ń kọ́ wọn ni pé ìtìjú ni èdè náà. Ẹ̀kọ́ kejì ló wọ̀ wọ́n lára, mo rí i lójú ọmọbìnrin kan tó dákẹ́ ju kó fi èdè ìyá rẹ̀ dá mi lóhùn lọ. Bẹ́ẹ̀, Ìwé Ìlànà 1977 ti sọ pé èdè abínibí tàbí èdè àyíká ni kí a fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ. Ẹ jẹ́ kí àpẹẹrẹ yín jẹ́ ohun tí ẹ̀yin náà fojú rí. Ẹni tó ń máàkì máa ń mọ̀.

Èyí tí a yọ sílẹ̀ jẹ́ ti Elliot Eisner (1979): ohun tí ilé ìwé kò kọ́ ọmọ rárá pẹ̀lú ń kọ́ ọ ní nǹkan, pé ohun náà kò já mọ́ nǹkan. Ìtàn ni àpẹẹrẹ tó dáa jù ní Nàìjíríà. Ó pẹ́ tí kò fi sí nínú ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró, kí wọ́n tó pinnu láti dá a padà.

Ìbéèrè 8. Ìfẹ̀, ìtòtẹ̀léra, kọ̀ríkúlọ̀mù ayíká-gòkè?

Ìfẹ̀ ni bí àkóónú ti gbòòrò tó. Ìtòtẹ̀léra ni ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀lé e. Ti ayíká-gòkè jẹ́ ti Bruner (1960): a ń padà sórí ọ̀rọ̀ kan náà, ó ń jinlẹ̀ sí i. Òwe ni ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń parí òwe, JSS ń lò ó síbi tó yẹ, SSS ń tú u palẹ̀.

Ìbéèrè 9. Fúnni ní àpẹẹrẹ ìdánwò kọ̀ríkúlọ̀mù kí a tó tàn án káàkiri.

Iṣẹ́ Àkànṣe Ọdún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ṣáájú rẹ̀, ní 1970. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀ tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa ń kọ́ wọn. Ẹgbẹ́ tí wọ́n fi wé wọn lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n wá yí sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ Yorùbá-látòkè-délẹ̀ ṣe dáadáa, wọn kò sì kù síbì kankan nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìgboyà, tiwa ni.

Ìbéèrè 10. Ìdíwọ̀n, àyẹ̀wò àárín iṣẹ́, àyẹ̀wò ìparí?

14 nínú 20, ìdíwọ̀n nìyẹn. Nígbà tí ẹ bá sọ pé ó dára tàbí kò dára, ẹ ti wọ inú ìgbéléwọ̀n. Scriven (1967) ló ya àyẹ̀wò méjèèjì sọ́tọ̀. Nígbà tí télọ̀ ní kí ẹ wọ aṣọ wò kó tó rán apá mọ́ ọn, ti àárín iṣẹ́ nìyẹn, ó ṣì lè tú u. Ọjọ́ òde, ti ìparí ni.

Ìbéèrè 11. Kọ̀ríkúlọ̀mù tuntun dé ilé ìwé, ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́. Jíròrò. (Máàkì 20)

Ẹ fi kọ̀ríkúlọ̀mù SSS tó bẹ̀rẹ̀ ní 2011 ṣe é. Iṣẹ́ ọwọ́ 34 ló wà nínú rẹ̀ nígbà náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ọ̀kan. Èrò náà dára: kí ọmọ má jáde lọ́wọ́ òfo. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, kò sí ẹ̀rọ ìránṣọ, kò sí iná láti fi ṣiṣẹ́, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé ni wọ́n sì ní kó tún kọ́ wọn ní àdìrẹ ṣíṣe. Ẹ to ìdí náà sí mẹ́rin: olùkọ́ tí a kò dá lẹ́kọ̀ọ́, ohun èlò, owó, àti olùkọ́ tí a kò pè nígbà tí wọ́n ń ṣètò. Ẹ kọ ojútùú sábẹ́ ìdí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má kó gbogbo rẹ̀ jọ sẹ́yìn. Níbi ìdí kẹrin, ẹ dárúkọ Taba, torí ohun tó ń sọ láti 1962 nìyẹn.