Ètò Ìnáwó Ọdún 2026 ní Ọ̀nà Mẹ́ta: Bí Owó Bá Wọlé Dáadáa, Bí A Ti Ń Retí, Bí Ó Bá Le

Láti ọwọ́ akápò, sí Alága àti gbogbo ẹ̀yin ìgbìmọ̀ alákòóso, fún ìpàdé oṣù Kejìlá 2025, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi. Ọmọ ogóje (140) tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló wà lórí ìwé wa báyìí, láti Ìjẹ̀bú-Òde, Odògbólú, Agọ́-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Igbó. Wọn kò lè dúró kí owó kọ́kọ́ dájú kí wọ́n tó lo oògùn. Ìdí nìyẹn tí n kò fi mú ètò ìnáwó kan ṣoṣo wá lọ́dún yìí. Mẹ́ta ni mo mú wá, ohun tí mo sì ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a fọwọ́ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lónìí, pẹ̀lú ọjọ́ tí a ó kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó dé. Láti oṣù Kìíní 2025 tí ìjọba Amẹ́ríkà ti dá owó ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè dúró, àwọn àjọ tó ń ti ibẹ̀ gba owó ti sáré lọ bá àwọn olùfúnni yòókù. Àwọn olùfúnni tiwa kì í ṣe ìjọba, ṣùgbọ́n èrò ti pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ìwé tí wọ́n kọ sí wa sọ pé wọ́n ń tún gbogbo ìlérí wọn yẹ̀ wò, àti pé èsì yóò dé kí oṣù Kejì tó parí. Dọ́là 12,000 ni ìlérí náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa ń san án: ìdajì ní oṣù Kẹta, ìdajì ní oṣù Kẹsàn-án.

Owó tí a ń retí kó wọlé nìyí, ní náírà:

| Ibi tí owó ti ń wá | Ó dára | A ń retí | Ó le |
|---|---|---|---|
| Olùfúnni òkè òkun | 17,400,000 | 8,400,000 | 0 |
| Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà lókè òkun | 5,400,000 | 3,600,000 | 2,400,000 |
| Ọrẹ àsìkò Ojúde Ọba | 4,000,000 | 2,500,000 | 1,500,000 |
| Owó oṣooṣù ọmọ ẹgbẹ́ | 2,160,000 | 1,680,000 | 1,200,000 |
| Ilé iṣẹ́ tó ṣèlérí nílé | 3,000,000 | 1,500,000 | 0 |
| Owó àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù | 1,320,000 | 960,000 | 600,000 |
| Àpapọ̀ | 33,280,000 | 18,640,000 | 5,700,000 |

Owó àyẹ̀wò tó wà níbẹ̀ ni èyí tó kù lẹ́yìn tí a bá ti san ti lábù. Owó ìpamọ́ wa ní báńkì jẹ́ 4,200,000. N kò kà á mọ́ owó tó ń wọlé.

Ní ti dọ́là, mo fi 1,450 náírà ṣírò ọ̀nà tó dára, mo sì fi 1,400 ṣírò ti ìrètí, ìdajì owó náà péré ni mo sì kà níbẹ̀. Inú gbogbo wa máa ń dùn bí náírà bá lágbára sí i, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n dọ́là kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ yóò ra oògùn tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Bí náírà 50 bá kúrò lórí dọ́là kan, 600,000 ló lọ nínú ọ̀nà tó dára, 300,000 nínú ti ìrètí.

Ọrẹ Ojúde Ọba ni mo rò jù. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni àjọ̀dún náà, Iléyá 2026 yóò sì bọ́ sí òpin oṣù Karùn-ún. Láti ìgbà tí Kábíyèsí, Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, ti wàjà ní ọjọ́ 13 oṣù Keje 2025, kò tíì sí Awùjalẹ̀ mìíràn lórí ìtẹ́. Kò sẹ́ni tó lè sọ lónìí bí àjọ̀dún tó ń bọ̀ yóò ṣe rí, bóyá àwọn régbérégbé yóò náwó sí aṣọ àti ẹṣin bíi ti àtẹ̀yìnwá, tàbí wọn yóò dín in kù. Ìgbà tí wọ́n bá pé jọ tí ara wọn sì yá gágá ni wọ́n máa ń rántí wa. Nítorí náà n kò fẹ́ kí ìlà owó yẹn gbé ohun tó wúwo.

Owó tí yóò jáde rèé:

| Ohun tí a ń náwó sí | Ó dára | A ń retí | Ó le |
|---|---|---|---|
| Owó oṣù òṣìṣẹ́ | 5,040,000 | 5,040,000 | 2,880,000 |
| Fólíkì ásíìdì àti páludrìn | 8,640,000 | 6,720,000 | 4,200,000 |
| Háídrọ́síyúríà | 5,400,000 | 2,160,000 | 2,160,000 |
| Ìrànwọ́ ọmọ tó bá wọ ilé ìwòsàn | 5,000,000 | 2,400,000 | 600,000 |
| Àyẹ̀wò ní ilé ẹ̀kọ́ | 3,500,000 | 1,400,000 | 0 |
| Owó ilé | 720,000 | 720,000 | 0 |
| Iná àti epo jẹnẹrétọ̀ | 1,200,000 | 900,000 | 300,000 |
| Ọkọ̀ | 1,500,000 | 900,000 | 240,000 |
| Àyẹ̀wò ìwé owó àti ìwé títẹ̀ | 600,000 | 400,000 | 200,000 |
| Àpapọ̀ | 31,600,000 | 20,640,000 | 10,580,000 |

Bí owó bá wọlé dáadáa

1,680,000 ni yóò ṣẹ́ kù, kí ó lọ sínú owó ìpamọ́ tààrà. Ọ̀nà yìí ni yóò jẹ́ ká gba ogójì ọmọ tó wà lórí ìwé ìdúró, kí a sì mú àwọn tó ń lo háídrọ́síyúríà kúrò ní méjìlá dé ọgbọ̀n. Ẹ jọ̀wọ́, ibí yìí gan-an ni mo ti ń bẹ̀rù jù. Ọmọ tuntun kan ń ná wa ní 48,000 lọ́dún. Èyí tó bá ń lo háídrọ́síyúríà tún gba 180,000 lé e. Oògùn yẹn kì í ṣe ohun tí a ń bẹ̀rẹ̀ lónìí kí a pa á tì lọ́la nítorí àìrówó. Dókítà gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò lóòrèkóòrè bó ti ń lò ó. Bí a bá gba àwọn ọmọ wọ̀nyí nínú ọdún tó dára, wọn yóò wà lọ́wọ́ wa nínú ọdún tó le pẹ̀lú. Mo ti ka owó wọn fún oṣù méjìlá gbáko kí ẹrù náà lè hàn bó ti rí. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí a má fa orúkọ ọmọ tuntun kankan sínú ìwé títí ìwé olùfúnni tó jẹ́rìí sí ìdajì kejì yóò fi tẹ̀ wá lọ́wọ́.

Bí a ti ń retí

Owó tó ń jáde ju èyí tó ń wọlé lọ ní mílíọ̀nù méjì. A ó yọ ọ́ nínú owó ìpamọ́, 2,200,000 yóò kù, ìyẹn kò sì ju ìnáwó oṣù kan àti díẹ̀ lọ. Ọmọ kankan kò ní pàdánù oògùn. Ilé ẹ̀kọ́ mẹ́rin péré ni a ó lọ fún àyẹ̀wò dípò mẹ́wàá. Ó dùn mí, nítorí ọ̀dọ́ tó bá mọ jẹ́nótáìpù rẹ̀ kí ó tó fẹ́ni sọ́nà ti dín ẹkún kan kù lọ́la. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti ń ṣàìsàn ló ni owó kọ́kọ́.

Owó oṣù kò yí padà: nọ́ọ̀sì 150,000, òṣìṣẹ́ méjì tó ń lọ ojúlé dé ojúlé àti akọ̀wé, 90,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Owó tó kéré jù tí ìjọba Ògùn fọwọ́ sí láti 2024 ni 77,000. A kò jìnnà sí i rárá, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má dábàá pé ká gé owó ẹni tó ń gun ọ̀kadà lọ wo ọmọ ní abúlé.

Bí ó bá le

Kò sí owó olùfúnni, kò sí ti ilé iṣẹ́. Bí èsì rere kò bá dé títí di ọjọ́ 28 oṣù Kejì, a ó fún akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ ojúlé kan ní ìwé ní ọjọ́ kejì, wọn yóò gba owó oṣù Kẹta pé, wọn yóò sì lọ. Nọ́ọ̀sì yóò máa wá lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ láti oṣù Kẹrin, ní 90,000. Láti oṣù kan náà, òbí yóò máa san ìdajì owó fólíkì àti páludrìn, ìyẹn 2,000 lóṣù. A ti san owó ilé dé ìparí oṣù Kẹfà. A kò ní san òmíràn, a ó tọrọ yàrá lọ́wọ́ ìlera ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ilé ìjọsìn. Àwọn méjìlá tó ń lo háídrọ́síyúríà kò ní dáwọ́ dúró.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, àti bí a tilẹ̀ ná owó ìpamọ́ tán pátápátá, 680,000 ṣì kù tí n kò rí ibi tí yóò ti wá. N kò fẹ́ fi ìṣirò bò ó mọ́lẹ̀.

Ọ̀ràn àsìkò tún wà níbẹ̀. Mo ka a lóṣooṣù. Ní ìparí oṣù Karùn-ún, 515,000 péré ni yóò kù lọ́wọ́, kí ọrẹ Ojúde Ọba tó wọlé. Owó náà yóò gbé wa dé ìparí oṣù Kẹjọ, tí 260,000 yóò kù. Ní oṣù Kẹsàn-án owó ti tán, nígbà tí yóò bá sì fi di ìparí oṣù Kọkànlá, 1,495,000 ni a ó ti jẹ ní gbèsè, nítorí pé oṣù Kejìlá ni àwọn èèyàn wa lókè òkun máa ń fi 1,600,000 tó pọ̀ jù nínú ọrẹ wọn ránṣẹ́, nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀ wálé ọdún. Bí wọ́n bá lè fi owó kan náà ránṣẹ́ ní oṣù Kẹjọ, a ó dé ìparí oṣù Kọkànlá láì jẹ gbèsè, pẹ̀lú 105,000 lọ́wọ́. Àìtó 680,000 yẹn yóò wá kù fún oṣù Kejìlá nìkan, àádọ́ta ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ń san déédéé sì lè pín in, 13,600 ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí mo fẹ́ kí ìpàdé fọwọ́ sí

Kí a bẹ̀rẹ̀ ọdún lórí ọ̀nà ìrètí, láì fọwọ́ kan iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ kí oṣù Kẹta tó dé.

Kí Alága kọ̀wé sí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú lókè òkun nínú oṣù Kìíní, kì í ṣe láti béèrè owó púpọ̀ sí i, bí kò ṣe pé kí wọ́n fi ti oṣù Kejìlá ránṣẹ́ ní oṣù Kẹjọ.

Kí a pàdé ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé 28 oṣù Kejì, yálà èsì dé tàbí kò dé, kí a sì tún pàdé ní àárín oṣù Kẹfà lẹ́yìn Ojúde Ọba. Bí ọrẹ náà kò bá tó 1,500,000, a ó san iye tó bá dín nínú ìrànwọ́ ilé ìwòsàn, kì í ṣe nínú oògùn ojoojúmọ́.

Kí a sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú oṣù yìí, kí a sì fi ìwé ìṣirò yìí hàn wọ́n. Akọ̀wé wa ní ọmọ méjì nílé ẹ̀kọ́. Ó yẹ kó mọ̀ nísinsìnyí pé 28 oṣù Kejì lè kan òun, kó lè máa wá ibòmíràn bó bá fẹ́. Mo ti bá nọ́ọ̀sì sọ ọ́, ó ní òun yóò dúró fún ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ bó bá dé ibẹ̀.

Akápò ẹgbẹ́