Ìwé Máàkì fún Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò: Aṣojú Ọjà, Ẹ̀ka Ìbàdàn

Fún àwa mẹ́ta tí a ó jókòó: ọ̀gá ọjà títà, oníṣirò owó àti olùtọ́jú sítóò.

Iṣẹ́ náà ni kí ó gbé mílíìkì àti ṣúgà wa dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní Bódìjà, Ọjọ́ọ̀ àti Alẹ́ṣinlóyè, kí ó kọ àwìn sílẹ̀, kí ó sì gba owó náà. Kì í ṣe ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn jù lọ níwájú wa là ń wá. Ẹni tó bá ní ojú òun mọ èèyàn, kó rántí pé lọ́dún 1998 àwọn olùwádìí Schmidt àti Hunter kó ìwádìí ọdún 85 jọ: nínú sísọ bí èèyàn yóò ṣe ṣiṣẹ́ sí, níbi tí 1 ti jẹ́ pípé, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó ní ètò gba 0.51, èyí tí kò ní ètò gba 0.38.

Òfin

Ìbéèrè kan náà, bó ṣe tò tẹ̀ léra níhìn-ín, fún gbogbo wọn. Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó bá wù wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì kò ní máàkì. A ti yọ fọ́tò, orúkọ ilé ìwé àti ọjọ́ ìbí kúrò nínú ìwé wọn.

A kì í béèrè ìlú, ẹ̀sìn, ìgbéyàwó tàbí oyún. “Ọmọ ta ni ẹ́?” wà lára rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ àwàdà. Tí olùwáṣẹ́ bá fúnra rẹ̀ sọ ọ́, ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀.

Máàkì 1 sí 5 fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, kí a tó kúrò lórí rẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ó sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ máàkì. “Ó já fáfá” kì í ṣe ẹ̀rí.

1. Wíwá oníbàárà (ìlọ́po 5)

“Ẹ sọ ìgbà kan tí ẹ mú ẹni tí kò mọ̀ yín rí wá ra nǹkan lọ́wọ́ yín.”

1: “màá ṣe báyìí” nìkan ló ń sọ. 3: ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ oníbàárà ló wá bá a. 5: ó wá ẹni náà lọ, ó padà lọ lẹ́yìn tí wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, ó sì lè sọ ohun tó yí padà. Ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ tàbí àjọ tí ó gbà ládùúgbò kò kéré sí ilé-iṣẹ́ ńlá.

2. Títẹ́tí sí oníbàárà (ìlọ́po 5)

Olùtọ́jú sítóò yóò ṣe bí ìyá oníṣọ́ọ̀bù fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Gbólóhùn àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ yí padà: “Ọjà yín wọ́n. Ẹni tó ń gbé wá fún mi ti tó mi.” Ohun tí ìyá náà fi pa mọ́ ni pé ọjà ẹni yẹn kì í tètè dé ní ọjọ́ Ajé. Kò ní sọ ọ́ àfi tí wọ́n bá bi í nípa bí ọjà ṣe ń dé.

1: ó ń sọ̀rọ̀ lọ ràì, tàbí ó já owó lulẹ̀ lójú ẹsẹ̀. 3: ó béèrè, kò dúró gbọ́ tán. 5: ó tú àṣírí ọjọ́ Ajé, ó sì fi ìdáhùn rẹ̀ lé e lórí. Ibí ni ẹlẹ́nu dídùn ti sábà máa ń ṣubú. Ẹ má ràn án lọ́wọ́.

3. Gbígba gbèsè (ìlọ́po 4)

“Ta ló jẹ yín lówó tí kò fẹ́ san, kí lẹ sì ṣe?”

1: ó fi í sílẹ̀, tàbí ó fi ìjà gbà á. 3: ó gbà á, àmọ́ oníbàárà náà kò padà wá mọ́. 5: wọ́n ṣe àdéhùn díẹ̀díẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ìbáṣepọ̀ wọn kò bàjẹ́.

4. Ìṣirò (ìlọ́po 3)

Páálí 12, ₦18,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀dínwó 2%, oníbàárà san ₦150,000. Èló ló kù? Fóònù wà lórí tábìlì. Ìdáhùn ni ₦67,560. 5: ó gbà á. 3: ọ̀nà tọ́, àṣìṣe kan. 1: kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

5. Ìfaradà (ìlọ́po 3)

“Ọ̀sẹ̀ wo ni ọjà kò tà rárá fún yín? Kí lẹ ṣe lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e?” 1: ẹlòmíì ló fa gbogbo rẹ̀. 3: ó ṣáà tẹ̀ síwájú. 5: ó dárúkọ ohun kan pàtó tí ó yí padà.

Ìṣirò máàkì

Ẹni tó gba 4, 3, 5, 2, 4 ní 20 + 15 + 20 + 6 + 12, ìyẹn 73 nínú 100. Máàkì àṣeyege ni 65, máàkì rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ dín sí 3 nínú gbígba gbèsè: ẹni tó gba 1 tàbí 2 níbẹ̀ ti jáde, iye yòówù tó ní.

Oníṣirò owó ni yóò kó ìwé wa jọ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀; ọ̀gá ni yóò sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Níbi tí máàkì wa bá ti fi 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ya ara, kálukú ka ohun tó kọ. Ẹni tó bá fẹ́ yí máàkì rẹ̀ padà gbọ́dọ̀ tọ́ka sí ọ̀rọ̀ tí olùwáṣẹ́ sọ. Lẹ́yìn náà, a pín àròpọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí mẹ́ta. Bí ẹni méjì bá dọ́gba, a ó mú ẹni tí máàkì rẹ̀ pọ̀ jù nínú ìbéèrè kejì.