Ìjábọ̀ ìwádìí: ẹsẹ̀ kíréènì rì sílẹ̀ nígbà tí ẹrù wà lókè, ibi iṣẹ́ ilé alájà mẹ́fà, Katampe, Àbújá

Ọjọ́ àti àkókò: Ìṣẹ́gun, 12 oṣù Ògún 2025, aago 10:40 òwúrọ̀
Ẹ̀rọ: kíréènì onítáyà, 50 tọ́ọ̀nù
Ẹrù: ìdì irin rọ́ọ̀dù 16 mílímítà, igi 110
Ìpalára: kò sí. Pákó etí dẹ́ẹ̀kì kẹta fọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀

Kíréènì ń gbé irin lọ sí dẹ́ẹ̀kì kẹta. Bí awakọ̀ ṣe yí apá ẹ̀rọ náà kọjá sí ọ̀tún ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ tó wà níhà yẹn rì ní 19 sẹ̀ntímítà. Ẹ̀rọ náà tẹ̀ síbẹ̀, orí apá rẹ̀ sì yẹ̀ síta ní nǹkan bí 70 sẹ̀ntímítà. Ìdì irin náà fì, ó gbá etí dẹ́ẹ̀kì, ó sì dúró ní mítà kan àti díẹ̀ sí ibi tí àwọn adè-irin méjì wà. Awakọ̀ kò yí apá padà, kò sì fa ẹrù náà sókè. Ńṣe ló rọra sọ ọ́ kalẹ̀ sórí dẹ́ẹ̀kì. Ohun tó yẹ kó ṣe gan-an nìyẹn: bó bá yí i lójijì, kíréènì ì bá dojú dé.

Ẹrù kọ́ ló jẹ̀bi

Èrò àkọ́kọ́ tí gbogbo èèyàn ní ni pé ẹrù ti wúwo jù. A ṣírò rẹ̀. Rọ́ọ̀dù 16 onímítà 12 kan wọn nǹkan bíi kílò 19, nítorí náà 110 jẹ́ tọ́ọ̀nù 2.1. Bí a bá fi ìkọ́ àti okùn onírin kún un, ó di 2.6. Àtẹ ìwúwo ẹ̀rọ náà gbà á láyè láti gbé 5.2 ní mítà 16 tí ẹrù wà. Aago ìkìlọ̀ inú kíréènì ń ṣiṣẹ́, kò sì dún, torí pé ìwúwo ẹrù ló ń wò. Kò mọ ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀. Ìwé àyẹ̀wò ẹ̀rọ náà ti pé oṣù mẹ́jọ, ó sì wà láàárín oṣù 14 tí òfin ilé iṣẹ́ ilẹ̀ wa fi lélẹ̀.

Ilẹ̀ ni. Ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ni àwọn oníṣẹ́ páìpù ti gbẹ́ kòtò mítà 1.4 síbẹ̀, tí wọ́n sì da ilẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìtẹ̀ ẹ́ ní ìpele-ìpele. Òjò rọ̀ lóru lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn rẹ̀, nínú oṣù tí òjò Àbújá máa ń le jù. Yanrìn tútù tí wọ́n tú sójú kòtò bo àpá rẹ̀. Pákó tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ kò ju 60 sẹ̀ntímítà níbùú àti lóòró. A ṣírò pé nǹkan bí tọ́ọ̀nù 28 dúró lórí ẹsẹ̀ yẹn, èyí tó jẹ́ tọ́ọ̀nù 78 lórí mítà oníbùú-lóòró kan. Ilẹ̀ tí a dà láìtẹ̀ kì í gbé mẹ́wàá.

Àwọn okùnfà

Èyí tó jinlẹ̀ jù ni pé ẹnikẹ́ni kò ní ojúṣe láti sọ fún ikọ̀ agbẹ́rù pé a ti gbẹ́ ilẹ̀. Olórí àwọn oníṣẹ́ páìpù mọ̀, àmọ́ oníṣirò ohun èlò ló ń jábọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ fún. Alábòójútó fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ìgbẹ́rù nínú ọ́fíìsì. Ìlà kan wà nínú ìwé náà pé “ilẹ̀ dára”, àyè sì wà níwájú rẹ̀ láti fi àmì sí. Níwọ̀n ìgbà tí ìwé kò béèrè ohun tí ojú rí, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa fàmì sí i.

Èkejì, a kò ní pákó tó tóbi ju ti ọjọ́ náà lọ nínú ọgbà. Ẹ̀kẹta, okùn ìdènà wà níhà méjì péré. Ìhà ilé oúnjẹ ṣí sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn adè-irin gbà kọjá. Ẹrù náà kò ní okùn ìdarí, èyí tí kì bá jẹ́ kó fì tó bẹ́ẹ̀.

Àtúnṣe

Awakọ̀ àti alábòójútó ni yóò jọ fẹsẹ̀ rìn ilẹ̀ náà ní àárọ̀ kí a tó gbé ẹrù, pẹ̀lú olórí àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀, kí wọ́n tó buwọ́ lu ìwé. A ti yọ “ilẹ̀ dára” kúrò: ìwé tuntun béèrè pé kí wọ́n kọ ibi tí kòtò wà, ọjọ́ tí a dí i, àti irú pákó tí a lò. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ ni yóò fọwọ́ sí i, láti 18 oṣù Ògún.

Pákó líle mẹ́rin, mítà 1.5 níbùú àti lóòró, ni a ó rà kó tó di 25. Ìwọ̀n yìí mú ẹrù tọ́ọ̀nù 28 wá sí nǹkan bí 12.5 lórí mítà oníbùú-lóòró kan, èyí tí ilẹ̀ tí a tẹ̀ dáadáa lè gbé. Kí etí pákó jìnnà sí kòtò tí a kò tíì tẹ̀ ní ìlọ́po méjì ìjìnlẹ̀ rẹ̀. Fún kòtò yìí, mítà 2.8.

Kòtò Katampe yìí ni a ó tún gbẹ́, a ó sì dí i ní ìpele 20 sẹ̀ntímítà, kí ẹ̀rọ atẹlẹ̀ gba ìpele kọ̀ọ̀kan kọjá kí a tó da òmíràn. Olórí àwọn oníṣẹ́ páìpù ló ni iṣẹ́ náà, 20 oṣù Ògún ni gbèdéke rẹ̀. Okùn ìdènà yóò yí gbogbo ìhà ká, a ó sì gbé ọ̀nà ilé oúnjẹ gba ẹ̀yìn. Okùn ìdarí méjì lórí gbogbo ìdì tó bá gùn ju mítà mẹ́fà lọ.

Kíréènì náà kò ní gbé ẹrù kankan títí òṣìṣẹ́ ààbò yóò fi rí àbájáde ìdánwò ilẹ̀ níbi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí onímọ̀ ẹ̀rọ yóò sì ti yẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀yìn wò bóyá ó ti tẹ̀.