Ìwé Ìfitónilétí: Àdéhùn Iṣẹ́ Yín Yóò Parí ní 31 Oṣù Kẹta, Ọdún 2026

Ọjọ́ Ẹtì, 30 oṣù Kìíní, ọdún 2026

Sí: Arábìnrin Fọláṣadé, Akọ̀wé Ìtọ́jú Àkọsílẹ̀
Láti ọ̀dọ̀: Alábòójútó Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́
Ọwọ́ wọn nìkan ni kí ìwé yìí dé.

Arábìnrin Fọláṣadé, ẹ kú iṣẹ́.

Ìwé tí mo sọ ní àárọ̀ yìí pé n ó fi lé yín lọ́wọ́ nìyí. Àdéhùn iṣẹ́ yín, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1 oṣù Kẹrin, ọdún 2024, tí a sì sọ dọ̀tun lẹ́ẹ̀kan ní ọdún 2025, yóò parí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 31 oṣù Kẹta, ọdún 2026. A kò ní sọ ọ́ dọ̀tun mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Mo fi èyí ṣáájú kí ẹ má baà ka ìwé dé ìdajì kí ẹ tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Ọjọ́ 60 ló kù láti òní. Ọjọ́ 30 ni àdéhùn wa sọ pé kí a fi tó yín létí ṣáájú. A fi 30 mìíràn lé e kí ẹ lè ráyè wá iṣẹ́ nígbà tí owó oṣù ṣì ń wọlé.

Ìdí rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Iṣẹ́ kíkó fáìlì oníwèé sórí kọ̀ǹpútà ni a torí rẹ̀ gbà yín, ọdún 2 péré sì ni owó iṣẹ́ náà wà fún. Nínú fáìlì 18,400 tí a kà sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, 1,200 ló kù. Bí ẹ ṣe ń ṣe nǹkan bí 200 lọ́sẹ̀, wọn yóò tán ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6, ìyẹn àárín oṣù Kẹta. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí iṣẹ́ tó pọ̀ tó láti gba ẹnì kan ní odindi ọjọ́, kò sì sí owó tí a yà sọ́tọ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀, torí inú èèyàn kì í dákẹ́ lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí: a kò lé yín níṣẹ́, kò sí ẹni tó fẹjọ́ yín sùn, kò sì sí ìwé ìkìlọ̀ kankan nínú fáìlì yín. Ètò ìsọlórúkọ tí ẹ gbé kalẹ̀, tó to ọdún, ẹ̀ka àti nọ́ńbà tẹ̀ léra, ló jẹ́ kí a rí fáìlì 312 tí wọ́n ti sikáánì lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ àwọn akọ̀wé méjì tó dé lọ́dún tó kọjá níṣẹ́, láìsí ẹni tó bẹ̀ yín. Ìwọ̀nyí yóò wà nínú lẹ́tà ẹ̀rí iṣẹ́ yín, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí àdéhùn parí, ipò yín àti ìdí tí àdéhùn fi parí. Lẹ́tà náà yóò wà nílẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, 27 oṣù Kejì, kí ẹ lè máa lò ó kí ẹ tó lọ. Bí ohun kan nínú rẹ̀ kò bá tọ̀nà, ẹ wí, a ó tún un kọ.

Ní ti owó: owó oṣù Kejì àti ti oṣù Kẹta yóò wọlé lódindi lọ́jọ́ tí ẹ ti mọ̀. A ó fi owó wákàtí 6 tí ẹ ṣe lé ti oṣù Kejìlá kún ti oṣù Kejì, torí ó bọ́ sílẹ̀ nínú ìṣirò tó kọjá, àṣìṣe wa sì ni. Owó tí ẹ yá ṣáájú ku ìdá 2. A ó yọ ọ̀kan ní oṣù Kejì, èyí tó kù ní oṣù Kẹta, gẹ́gẹ́ bí a ti jọ fọwọ́ sí i. A kò ní kó méjèèjì pọ̀ yọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìsinmi yín nílò ìpinnu. Nínú ọjọ́ 21 ti ọdún iṣẹ́ yìí, ẹ ti lo 12. Ó ku 9. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, Ọjọ́rú, 18 oṣù Kẹta ni ẹ ó wá síṣẹ́ kẹ́yìn, ìsinmi yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, àdéhùn yóò sì wà títí di 31. Bí ẹ kò bá fẹ́, a ó san owó ọjọ́ 9 náà pẹ̀lú ti oṣù Kẹta. Ẹ sọ èyí tí ẹ fẹ́ fún wa kí oṣù Kejì tó parí. Bí ó bá pẹ́ ju ìyẹn lọ, akáwó yóò ti pa ìṣirò dé, owó náà á sì falẹ̀ di oṣù tó tẹ̀ lé e.

Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ lè gba wákàtí 4 lọ́sẹ̀ láti lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tàbí láti kọ ìwé ìwáṣẹ́. A kò ní yọ owó rẹ̀. Kí ẹ ṣáà sọ fún ọ̀gá ẹ̀ka yín ní ọjọ́ kan ṣáájú.

Ṣé iṣẹ́ mìíràn lè wà fún yín níbí? Lónìí, kò sí. Bí àyè bá ṣí kí àdéhùn tó parí, a ó sọ fún yín lọ́jọ́ tí a bá kéde rẹ̀ gan-an, ẹ ó sì du ú bíi gbogbo èèyàn. Mi ò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlérí tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lè mú kí ẹ kọ iṣẹ́ gidi sílẹ̀ níbòmíràn.

Ní ọjọ́ Ajé, 2 oṣù Kẹta, ní aago 10 àárọ̀, a ó jókòó lórí bí ẹ ó ṣe fi iṣẹ́ lélẹ̀. Ohun tí a fẹ́ ni àkọsílẹ̀ ojú ìwé 2 tàbí 3 lórí ètò ìsọlórúkọ yẹn, àti àwọn fáìlì tí ojú wọn kò hàn dáadáa nígbà tí a sikáánì wọn. Kọ̀ǹpútà alágbèéká, káàdì ìdánimọ̀ àti kọ́kọ́rọ́ yàrá àkọsílẹ̀ ni ẹ ó dá padà lọ́jọ́ tí ẹ bá wá kẹ́yìn, ẹ ó sì gba ìwé ẹ̀rí pé a ti gbà wọ́n. Ẹ má kọ páásíwọ̀ọ̀dù sínú íméèlì sí ẹnikẹ́ni. A ó pa á dà fúnra wa. Íméèlì yín yóò tì ní alẹ́ 31 oṣù Kẹta, nítorí náà ẹ tètè kó ohun tó jẹ́ tiyín kúrò níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bẹ̀ yín níṣẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà, ẹ má ṣe é, ẹ darí rẹ̀ sí mi: ṣíṣiṣẹ́ láìsí àdéhùn máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀, kò sì tọ́ kí ẹ ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹni 3 ló mọ̀ títí di ìsinsìnyí: èmi, ọ̀gá ẹ̀ka yín àti akáwó. Ẹ̀yin lẹ ó sọ bí ẹ ṣe fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín gbọ́. Bí ẹ bá ní kí n bá yín sọ ọ́, ohun tí n ó sọ kò ju pé iṣẹ́ tí a gbà yín fún ti ń parí.

Bí ẹ kò bá fara mọ́ ìpinnu yìí, tàbí tí ìṣirò kan kò yé yín, ẹ kọ̀wé sí olùdarí ilé-iṣẹ́ ó pẹ́ tán ní ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù Kejì. Ẹni tí kò sí níbi tí a ti ṣe ìpinnu ni yóò gbọ́ ọ, ẹ sì lè mú ẹlẹgbẹ́ kan dání. Kò ní kan lẹ́tà ẹ̀rí iṣẹ́ yín.

Ẹ̀dà kejì wà pẹ̀lú ìwé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ buwọ́ lù ú kí ẹ dá a padà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìbuwọ́lù náà ń fi hàn pé ìwé dé ọwọ́ yín ni. Kò túmọ̀ sí pé ẹ gbà pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀. Kò di dandan kí ẹ fèsì lónìí. Bí ẹ bá fẹ́ lọ sílé báyìí, ẹ máa lọ, mo ti sọ fún ọ̀gá ẹ̀ka yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Alábòójútó Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́