Kókó: Àyípadà nípa ọjọ́ tí mo lè wọṣẹ́ àti owó oṣù (iṣẹ́ olóòtú ìròyìn Yorùbá)

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màdáàmù. Ẹ sì kú àmójútó ọ̀rọ̀ wa.

Nígbà tá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù lóṣù Kẹta, mo ní mo lè wọṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún, àti pé ₦280,000 lóṣù tẹ́ mi lọ́rùn. Méjèèjì ti yí padà. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kẹ́ ẹ tó fi orúkọ mi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ rédíò náà, kí ọ̀rọ̀ má baà há sí yín lọ́rùn lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ọjọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mi ní ìgbéga níbi iṣẹ́ mi n'Íbàdàn, lẹ́tà tuntun tí mo sì buwọ́ lù ní kí n máa fi oṣù kan sọ tẹ́lẹ̀ kí n tó lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni tẹ́lẹ̀. Tí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ bá tẹ̀ mí lọ́wọ́ kí oṣù Kẹrin tó parí, máa wọlé ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà. Mi ò ní lè já wọn jù sílẹ̀. Àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́.

Ní ti owó, ìwé iṣẹ́ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá ló fà á. Ìròyìn ọ̀sán nìkan la sọ lóṣù Kẹta. Ní báyìí, ìròyìn aago mẹ́fà àárọ̀ ti wọ̀ ọ́, àti títúmọ̀ gbogbo ìròyìn láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá. Iṣẹ́ ìtumọ̀ yẹn ò kéré rárá. Ìròyìn tí wọn ò fi àmì ohùn sí dáadáa, ẹni tó ń kà á á kọsẹ̀ lórí afẹ́fẹ́, gbogbo ìlú á sì gbọ́ ọ. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe, àmọ́ ó yẹ kí wọ́n sanwó rẹ̀ lọ́tọ̀.

Ti ilé náà tún wà ńbẹ̀. Ọ̀dọ̀ àǹtí mi ní Ìkòròdú ni mo fẹ́ máa gbé. Ẹni tó máa kàròyìn aago mẹ́fà n'Íkẹjà gbọ́dọ̀ ti débẹ̀ ní nǹkan bí aago márùn-ún, kò sì bójú mu kí obìnrin máa wá ọkọ̀ ní Ìkòròdú lóru. Máa ní láti gbalé nítòsí, ẹ sì mọ báwọn onílé Èkó ṣe ń gba owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà, ká má tíì sọ owó àgíríìmẹ́ǹtì àti ti ajẹ́ẹ̀ǹtì.

Nítorí náà, ₦370,000 ni mo ń béèrè, ìyẹn owó tó máa wọ àkáǹtì mi lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó orí àti ìdá 8 nínú 100 tó jẹ́ ti owó ìfẹ̀yìntì. Tí wọ́n bá lè máa fi mọ́tò iléeṣẹ́ gbé mi láàárọ̀, mo lè gba ₦330,000. Tí wọ́n bá yọ ìtumọ̀ àti ìròyìn àárọ̀ kúrò, iye tá a sọ níjọ́sí náà ṣì dúró.

Iṣẹ́ yìí ṣì wù mí púpọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ tẹnu wọn kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ lè pè mí lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán, ìgbà yẹn ni mo máa ń kúrò ní sítúdíò.

Ẹ ṣeun, mà.

Ṣadé