Kí N Tó Ṣí Ìwé Ìhágún Màmá

Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú aṣẹ̀yìndè Màmá. Àlàbá, ṣé ò ń gbọ́ mi ní Lọ́ńdọ̀nù níbẹ̀? Ìdòwú, gbé fóònù yẹn sún mọ́ mi díẹ̀ sí i. Mi ò fẹ́ kí ẹnì kankan nínú yín gbọ́ ọ̀rọ̀ òní lẹ́nu ẹlòmíì.

Àná ni ogójì ọjọ́ pé. Lọ́yà ló jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún mi yìí. Ọwọ́ wọn ni àpòòwé yìí wà láti ọdún 2019, àárọ̀ yìí ni wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi ni pé iṣẹ́ ni àwọn fún mi, àwọn ò fún mi ní ogún.

Èmi ni mo mú wọn lọ sí ọ́fíìsì lọ́yà lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní kí n dúró síta. Orí bẹ́ǹṣì ni mo wà fún nǹkan bíi wákàtí 2. Ẹ mọ̀ pé Màmá ò kàwé. Lọ́yà kọ ọ́ tán, wọ́n kà á sí wọn létí lédè Yorùbá, Màmá ní kí wọ́n tún un kà. Wọ́n tún un kà, Màmá ní ó tún ku ẹ̀ẹ̀kan. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta ni wọ́n tó tẹ̀ka níwájú ẹlẹ́rìí méjì, àwọn méjèèjì kì í ṣe ẹbí wa, wọn ò sì ní ìpín kankan nínú ogún, torí bí òfin ṣe fẹ́ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n na àtàńpàkò wọn sí mi. Yíǹkì ti gorí aró. Gbogbo yín lẹ mọ ọwọ́ yẹn, aró àdìrẹ tó wà lábẹ́ èékánná wọn ò kúrò títí tí wọ́n fi gbé wọn sin. Wọ́n ní, "Àbúrò, mo ti sọ tẹnu mi."

Mo ń sọ èyí torí ohun tí mo ti gbọ́ lábẹ́lẹ̀. Àwọn kan ní ẹni tó tọ́jú Màmá ló darí wọn. Kàdúná ni Ìdòwú wà ní 2019. Ọdún 2021 ló kó wálé, nígbà tí ẹsẹ̀ Màmá ò gbé wọn mọ́, òun ló sì ń gbé wọn lọ sílé ìwẹ̀ títí wọ́n fi lọ. Ìdòwú, o ṣeun. Ẹnì kan kì yóò fi ìyẹn bú ọ lójú mi.

Wọ́n tún ní nítorí pé bàbá Fọláṣadé yàtọ̀, ká pín in sí ìdí-igi méjì. Rárá o. Ìyàwó ni wọ́n ń ka ìdí-igi sí, nígbà tí ọkùnrin bá fi aya púpọ̀ sílẹ̀. Ikùn kan ló bí ẹ̀yin márààrún. Táíwò, Kẹ́hìndé, ẹ̀yìn Fọláṣadé ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé yín lọ sọ́jà Ìtokú, ẹ má jẹ́ kí ará ìta kọ́ yín ní ẹni tí ẹ̀gbọ́n yín jẹ́.

Ilé bàbá yín kò sí nínú ìwé yìí, kò sì lè sí níbẹ̀. Ilé ẹbí ni, kì í ṣe ti Màmá láti há. Ohun tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ fún ni wọ́n há: ṣọ́ọ̀bù, ilé tí wọ́n kọ́, owó báńkì, àti ẹrù wọn.

Ẹjọ́ ogún bàbá tiwa gba ọdún 11. Owó àdìrẹ ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń san owó lọ́yà. Nígbà tí a fi máa yanjú ẹ̀, òrùlé ilé tí a ń jà lé lórí ti wọlẹ̀, àbúrò wa kan sì kú láìbá wa sọ̀rọ̀. Mi ò lọ síbi òkú rẹ̀. Ó ń dùn mí di òní. Ìdí nìyẹn tí Màmá fi wá lọ́yà lọ.

Bí mo bá kà á tán, tó bá dun ẹnì kan, kó wá bá mi nínú yàrá mi lálẹ́ òní. Má lọ máa rò ó fún ìyàwó tàbí ọkọ rẹ ná. Kó tó di pé kóòtù gíga bá wa fọwọ́ sí i, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ta nǹkan, kò sì gbọdọ̀ gba owó ilé lọ́wọ́ ayálégbé. Èmi àti lọ́yà ni yóò gbé ìwé náà lọ síbẹ̀.

Fọláṣadé, gbà á. Wo èdìdì yẹn dáadáa, kó o fi han àwọn àbúrò rẹ, kó o gbé e sójú fóònù kí Àlàbá náà rí i. Ṣé ó pé? Ó dáa. Kẹ́hìndé, bá mi mú awò mi lórí tábìlì.